Ímeèlì Tí Ọ̀gá Wa Kọ Lẹ́yìn Kọ̀ńténà Tó Ṣìnà Lọ sí Ìjọra

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Wharf Road ní Àpápá. Àwa mẹ́fà la wà ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìrìnnà kọ̀ńténà. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, títí kan Bàbá Awakọ̀ tó dàgbà jù ú lọ dáadáa, ni olórí ẹ̀ka náà. Èmi ni mo ń bójú tó ìwé. Bùrọ̀dá kan máa ń wà ní wọ́ọ̀fù láti àárọ̀ dalẹ́, àbúrò wa kan ń ṣètò àwọn tírélà, Ìyá Ìbejì wà ní ìdí owó, Bàbá Awakọ̀ sì ni olórí àwọn awakọ̀. Ẹgbẹ́ WhatsApp kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, ibẹ̀ ni a ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni a ti ń kí ara wa kú ọdún.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni ímeèlì kan tí Àǹtí fi ránṣẹ́ sí wa ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, èyí tó fi ṣe òfin lórí bí a ó ṣe máa kó ohun tí a bá fẹnu kò lé lórí ní WhatsApp sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan tí gbogbo wa jọ ń lò. Ẹni tó bá ka ímeèlì náà láìmọ ohun tó bí i lè rò pé òfin ọ́fíìsì lásán ni, nítorí náà màá kọ́kọ́ sọ ọ̀ràn kọ̀ńténà Alhaja, oníbàárà wa kan.

Ẹni tí kò bá rìn ní wọ́ọ̀fù lè má mọ̀ pé tí ẹrù bá ti jáde kúrò nínú kọ̀ńténà, iṣẹ́ kò tíì parí. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá ló ni àpótí irin náà, kì í ṣe oníbàárà, wọ́n sì máa ń gba owó ìdúró bí ìdógò lọ́wọ́ oníbàárà kí wọ́n tó jẹ́ kó gbé e jáde. Iye ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọjọ́ náà bá ti pé tí òfìfo kọ̀ńténà kò tíì padà, owó ìdádúró, tí àwa oníwọ́ọ̀fù ń pè ní dimọ́réèjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ara wọn lójoojúmọ́, kò sì ní dúró àfi ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ti gba òfìfo náà. Àwọn ló máa ń sọ àgbàlá tí a ó gbé e lọ. Bí àgbàlá kan bá kún, wọ́n lè yí i padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, awakọ̀ tó bá gbé e lọ síbi àtijọ́ yóò tò lórí ìlà fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó sọ fún un pé kó yí padà.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ní agogo 4:52 ìrọ̀lẹ́, Bùrọ̀dá fi fọ́ìsì nóòtì kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa. Ìṣẹ́jú méjì àti ogójì ìṣẹ́jú-àáyá ni ó gùn. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ dá lórí Ètò, ìyẹn ìlànà ìpe-tírélà orí ẹ̀rọ tí àjọ tó ń bójú tó èbúté ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2021, nítorí pé tírélà wa kan kò rí àkókò tirẹ̀ gbà. Lẹ́yìn náà ó ṣàròyé nípa oòrùn, ó béèrè ẹni tó mú agboòrùn rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ohùn náà parí ni ó wá sọ pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ni kọ̀ńténà Alhaja ti ní kí a má gbé òfìfo lọ sí Ìjọra mọ́, pé àgbàlá wọn ní ìhà Kírìkírì ni kí a gbé e lọ. Àǹtí gbọ́ ọ tán, ó sì dáhùn ní agogo 5:07 pé, “Ó dáa. Kírìkírì ni.”

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ìpinnu náà. Kò sí orúkọ oníbàárà nínú rẹ̀, kò sí nọ́ńbà kọ̀ńténà, kò sì sí ọjọ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ tí Ìyá Ìbejì fi àwòrán ọmọ tuntun àbúrò rẹ̀ sí ojú ẹgbẹ́ náà, ni “ẹ kú ewu ọmọ” àti “Ọlọ́run á wò ó” bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ó ti lé ní ọgọ́ta ọ̀rọ̀ tó jókòó lé orí Kírìkírì.

Àbúrò tó ń ṣètò tírélà gba ìsinmi lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé ní Ọjọ́ Ẹtì, ó rí ọ̀rọ̀ ìkómọ, òun náà sì kí wọn. Ó rí fọ́ìsì nóòtì náà pẹ̀lú, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́ pé ọ̀rọ̀ Ètò ni, ó sì pa á nítorí pé ó ti mọ̀ nípa ìyẹn. Mi ò lè bá a wí. Èmi náà kò gbọ́ ọ dópin, ọ́fíìsì ni mo sì wà.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n já ẹrù Alhaja sí ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ní Ìsọlọ̀. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ ọ̀fẹ́ tó kẹ́yìn. Tírélà gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ náà, ó sì forí lé Ìjọra. Ó tò títí di ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí wọ́n tó kọ̀ ọ́. Nígbà tó fi kọrí sí Kírìkírì, tó tò níbẹ̀ náà, tí wọ́n sì gba òfìfo náà, ó ti di Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni dimọ́réèjì fi kà lórí rẹ̀, yàtọ̀ sí díísù tírélà àti owó oúnjẹ awakọ̀.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, Alhaja fúnra rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Kò pariwo. Ó jókòó, ó gba omi tútù, ó wá bi wá pé ta ló ní kí wọ́n gbé e lọ sí Ìjọra. Bùrọ̀dá ní òun ti sọ Kírìkírì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àbúrò wa ní òun kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Àǹtí ní òun rántí pé òun fèsì. Gbogbo wa fa fóònù yọ lójú Alhaja, a ń yí ojú WhatsApp sókè, a ń yí i sísàlẹ̀, ohun tó sì pẹ́ jù tí a rí níbẹ̀ kò ju ti Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá lọ. Fọ́ìsì nóòtì Bùrọ̀dá ti lọ, èsì Àǹtí náà ti lọ.

Èmi ni mo fa èyí. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú, àyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí fóònù mi, ni mo bá wọnú ètò ẹgbẹ́ náà, mo sì ní kí ọ̀rọ̀ máa pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méje. WhatsApp máa ń fúnni ní wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90 láti yàn, èmi sì mú èyí tó wà láàárín. Bí alábòójútó ẹgbẹ́ kò bá dí ọ̀nà ìyẹn, ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ ló lè ṣe é. WhatsApp kọ ọ́ sójú ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà pé mo ti yí i padà, ṣùgbọ́n ta ló ń ka irú ìlà kékeré bẹ́ẹ̀? Ó sì ní bí èèyàn ṣe lè tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ kó sì ní kí ó dúró kó má bàa parẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wa, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n gan-an ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe pàtàkì lọ́la.

Àǹtí kò sọ ohunkóhun ju pé kí Alhaja fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta. Ní agogo 7:40 àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ímeèlì rẹ̀ wọlé. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọ́fíìsì; èmi ni mo ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní Yorùbá.

Ìlà tó kọ́kọ́ kọ ni pé, “Mo fèsì ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin, mo sì gbà pé gbogbo yín ti gbọ́, tèmi nìyẹn nínú ọ̀ràn yìí.” Kò dárúkọ Bùrọ̀dá, kò dárúkọ àbúrò, kò sì dárúkọ èmi tí mo tan ìparẹ́ náà. Mo ti ka ímeèlì òfin púpọ̀ láti ọwọ́ àwọn ọ̀gá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “mo ṣàkíyèsí pé àwọn òṣìṣẹ́ kan.” Ẹni tó bá ka ìyẹn á kọ́kọ́ wá ẹni tí wọ́n ń bá wí kó tó ka òfin. Ti Àǹtí yìí, kò sí ẹni tó ní àwíjàre láti ṣe, nítorí náà òfin ni gbogbo wa kà.

Ó ní òun ti ṣí ìwé kan sórí Google Docs, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìwé Ìpinnu, àkáǹtì ọ́fíìsì ló sì ni ín, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀: bí ẹni tó ni ìwé bá kúrò níbi iṣẹ́ tí wọ́n sì pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n gbé àwọn ìwé rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ìwé náà lè bá a lọ. Ó fún àdírẹ́sì mẹ́fà péré láyè láti ṣí i, kò fi í sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ìlà rẹ̀ bá já sí lọ́wọ́, ó sì ní a kò gbọdọ̀ kọ nọ́ńbà báńkì oníbàárà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ìwọlé kankan síbẹ̀, nítorí òfin ààbò ìsọfúnni tí ilẹ̀ wa ṣe ní 2023 kò yọ ọ́fíìsì kékeré sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó wá dé orí òfin gan-an. Gbogbo ohun pàtàkì tí a bá fẹnu kò lé lórí ní WhatsApp gbọ́dọ̀ wọ inú Ìwé Ìpinnu kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó parí. Ẹni tó béèrè tàbí tó gbé ọ̀rọ̀ wá ni yóò kọ ọ́, kì í ṣe ẹni tó dáhùn. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọgbọ́n ímeèlì náà wà jùlọ. Ní àkọ́kọ́ mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó pàṣẹ kọ àṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó pàṣẹ máa ń rò pé òun ti sọ ọ́ tán; bó bá kọ ọ́, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni yóò kọ, kò sì ní mọ̀ bóyá ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́ ohun mìíràn. Bó bá jẹ́ ẹni tó béèrè ló kọ ọ́, ohun tó gbọ́ ni yóò hàn. Ẹni tó pàṣẹ á wá wò ó, á sì kọ “Ó rí bẹ́ẹ̀” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí kó ṣàtúnṣe. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá tíì ní “Ó rí bẹ́ẹ̀,” a kò gbọdọ̀ fi gbé tírélà.

Ó fi kún un pé ìpinnu tó wà nínú fọ́ìsì nóòtì kì í ṣe ìpinnu títí ẹnì kan yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀. Kò ní kí Bùrọ̀dá má sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà nínú òòrùn, tó di ìwé mú lọ́wọ́ kan, kò lè máa tẹ lẹ́tà kéékèèké. Ohun tó béèrè ni pé kí Bùrọ̀dá máa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú ohùn kan ṣoṣo: bí Ètò bá ní ti rẹ̀, kí Kírìkírì ní tirẹ̀, kí agboòrùn náà sì ní tirẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín nígbà tí a ka ti agboòrùn. Bùrọ̀dá náà rẹ́rìn-ín.

Ní ti bí a ó ṣe kọ ọ́, ó ní kí ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kọ̀ńténà ní pípé, láìfi àyè sáàárín. Nọ́ńbà yìí máa ń ní lẹ́tà mẹ́rin àti díjíìtì méje, èyí tó kẹ́yìn nínú díjíìtì náà sì jẹ́ ti ìyẹ̀wò: ìṣirò kan ló ń mú un jáde láti ara àwọn mẹ́wàá tó ṣáájú rẹ̀, nítorí náà bí èèyàn bá ṣi lẹ́tà tàbí díjíìtì kan kọ, ìṣirò náà sábà máa ń tú u fó. Ní WhatsApp, “kọ̀ńténà Alhaja” tàbí “èyí tó gùn yẹn” ni a máa ń sọ. Alhaja ní kọ̀ńténà mẹ́ta lójú omi nígbà náà. Ẹni tó bá wá “Alhaja” nínú ìwé yóò rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó bá wá nọ́ńbà yóò rí ẹyọ kan. Àpẹẹrẹ tí Àǹtí fi sísàlẹ̀ ímeèlì náà nìyí, àfi pé mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀:

```
CSQU3054383
Ìpinnu: Òfìfo lọ sí Kírìkírì, kì í ṣe Ìjọra.
Ẹni tó pinnu: Àǹtí. Ọjọ́bọ̀, 5:07 ìrọ̀lẹ́.
Ó rọ́pò: Ìjọra (Ọjọ́ Ajé).
Ẹni tó kọ ọ́: Bùrọ̀dá.
```

Ìlà kẹrin nínú àpẹẹrẹ náà ni a kọ́kọ́ rò pé kò wúlò. Àbúrò wa béèrè pé bí a bá ti kọ Kírìkírì, kí ni a tún ń fi Ìjọra ṣe? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun gan-an ni ìdáhùn rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ ibi tí yóò gbé e lọ. Ó mọ Ìjọra dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n sọ fún un ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ kì í wá ìdáhùn tuntun. Bí ìlà tuntun bá sọ ohun tó rọ́pò, ẹni tó di ti àtijọ́ mú á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ìdí kan náà ni Àǹtí fi ní a kò gbọdọ̀ pa ìpinnu àtijọ́ rẹ́. Ìlà ni kí a fà gba àárín rẹ̀ kọjá, èyí tí Alt+Shift+5 ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹni tó bá ń wá Ìjọra lè rí Ìjọra níbẹ̀ pẹ̀lú ìlà lórí rẹ̀.

Òfin tó kẹ́yìn ni pé kí a tó gbé tírélà, kí a ka ìwé náà. Bí ohun tó wà nínú ìwé bá yàtọ̀ sí ohun tó wà ní WhatsApp, a kò gbọdọ̀ yan èyí tó wù wá. A ó dúró, a ó sì pe ẹni tó ṣe ìpinnu. Lẹ́yìn èyí ó ní kí èmi lọ pa ìparẹ́ ọjọ́ méje náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ibẹ̀ nìkan ni ó ti tọ́ka sí mi, kò sì sọ ìdí. Mo pa á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tuntun nìkan ni pípa rẹ̀ gbà là. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí n tó pa á ṣì ń parẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọjọ́ méje wọn ṣe ń pé.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ímeèlì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kùnà, àṣìṣe náà sì wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: “pàtàkì.” Kò sí ẹni tó fẹ́ kó jẹ́ pé ohun tí òun kò kọ ni yóò dá wàhálà sílẹ̀, nítorí náà a kọ ohun gbogbo. Títí di Ọjọ́ Ẹtì, àkọsílẹ̀ mọ́kànlélógójì ló ti wà nínú ìwé náà. Mo kà wọ́n. Ìpinnu mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ìyókù jẹ́ ìròyìn, bíi “Wọ́n ti gbé díísù dé,” “Ojú ọ̀nà dí ní Mile 2,” àti “Òṣìṣẹ́ tẹ́mínà ní ká padà wá lọ́la.” Ìwé náà ti di WhatsApp kejì, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju pé kò sí àwòrán ọmọ tuntun nínú rẹ̀. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde pé òun kò kà á mọ́, pé òun kàn ń kọ ọ́.

Àǹtí kọ ímeèlì kejì ní Ọjọ́ Ajé, kò sì ju ìlà mẹ́fà lọ. Ó mú “pàtàkì” kúrò. Ó ní ohun tí yóò wọ inú ìwé ni èyí tó bá yí ibi tí tírélà ń lọ padà, tàbí ọjọ́, tàbí owó, tàbí ẹni tí yóò fọwọ́ síwèé, tàbí ohun tí a ti sọ fún oníbàárà. Ohun tí kò bá yí ọ̀kankan nínú márùn-ún yìí padà, kí ó dúró sí WhatsApp. “Ojú ọ̀nà dí” jẹ́ ìròyìn. “Ojú ọ̀nà dí, nítorí náà ọ̀la ni tírélà yóò lọ” jẹ́ ìpinnu. Láti ọ̀sẹ̀ náà, a kì í kọ ju mẹ́wàá sí méjìlá lọ lọ́sẹ̀, Ìyá Ìbejì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Nǹkan kan wà tí òfin méjèèjì kò rí, èyí tó hàn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dára ní apá ibì kan nínú wọ́ọ̀fù, nítorí náà Bùrọ̀dá ti ṣètò rẹ̀ pé kí Ìwé Ìpinnu máa wà lórí fóònù òun kódà bí kò bá sí ìkànnì. Ìyẹn dára lójú gbogbo wa. Lọ́jọ́ kan, ó ka ìwé náà lẹ́nu ọ̀nà tẹ́mínà, ó ṣe ohun tó kà níbẹ̀ láìyẹsẹ̀, ó sì ní kí awakọ̀ gbé kọ̀ńténà mìíràn lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Múṣín. Ní wákàtí kan ṣáájú, mo ti kọ ọ́ pé oníbàárà ní kí wọ́n gbé e lọ sí Òṣòdì, Àǹtí sì ti kọ “Ó rí bẹ́ẹ̀.” Èyí tó wà lórí fóònù Bùrọ̀dá jẹ́ ti àárọ̀. Ó pa òfin mọ́, ó ka ìwé, kò sì rí ìyàtọ̀ kankan tí yóò mú un pe ẹnikẹ́ni. Orí ló bá wa ṣe é: Bàbá Awakọ̀ ní àṣà àtijọ́ kan, ó máa ń pe ọ́fíìsì bó bá ti kúrò lẹ́nu gééètì láti sọ ibi tó ń lọ. Mo gbọ́ Múṣín, mo sì pariwo, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!”

Ọ̀nà tí a gbà tún un ṣe kò la ẹ̀rọ lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà sí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti 1, ní títẹ̀léra, láìfo ọ̀kan. Bí Bùrọ̀dá bá fẹ́ gbé tírélà, á pe ọ́fíìsì, á ní, “Mélòó lẹ wà?” Bí mo bá sọ pé, “Méjìdínláàádọ́ta ni o, Bùrọ̀dá,” tí tirẹ̀ sì jẹ́ mẹ́rìndínláàádọ́ta, á mọ̀ pé méjì wà tí òun kò tíì rí, màá sì kà wọ́n fún un lórí fóònù. Ó máa ń ka díjíìtì mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà kọ̀ńténà padà fún mi kó tó gé e. Ìpè náà kì í pé ìdajì ìṣẹ́jú. Bàbá Awakọ̀, tí kì í fẹ́ gbọ́ ohun tó ń jẹ́ Google rárá, ti ń lo ọ̀nà yìí náà, ó sì ń fi báírò kọ nọ́ńbà náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ní ti ọ̀ràn Alhaja, Àǹtí pè é ní ọjọ́ kẹta bó ṣe ṣèlérí. Ó sọ fún un pé àwa ni a ṣìnà, pé a kò ní ẹ̀rí tí a lè fi hàn án, àti pé ilé-iṣẹ́ yóò san dimọ́réèjì ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Alhaja ní kí a san ọjọ́ méjì, pé òun náà jẹ́ kí kọ̀ńténà sùn sí ọgbà òun ní Ọjọ́ Àìkú nígbà tí ó lè ti gbéra. Ṣùgbọ́n ó ní kí a jẹ́ kí òun rí ohun tí a ó máa kọ sílẹ̀ nípa ẹrù òun láti ìgbà náà lọ. Àǹtí kò fún un láyè láti ṣí ìwé náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà mìíràn wà níbẹ̀. Èmi ni mo máa ń da ìlà tó kan kọ̀ńténà rẹ̀ kọ, màá sì fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp.

Ohun tó ṣì kù tí a kò tíì rí ojútùú sí ni ìpinnu tó bá wáyé lórí ìpè fóònù láàárín èèyàn méjì, tí kò tilẹ̀ dé WhatsApp rárá. Ímeèlì Àǹtí kò dárúkọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ìbejì gbà pẹ̀lú aṣojú ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan lórí fóònù pé kí owó ìdúró kọ̀ńténà kan wọlé ní Ọjọ́rú, ó kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé kan, ó sì fi àpòòwé náà kó owó oúnjẹ fún àwọn awakọ̀. Bàbá Awakọ̀ ló bá wa gbé e padà wá, òróró ti ta sí i, ṣùgbọ́n Ọjọ́rú náà ṣì ṣeé kà. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé báyìí, òun ni ìkẹtàlélọ́gọ́rin, a sì ń dúró de “Ó rí bẹ́ẹ̀” Àǹtí.